Ẹni Tó Ń Wo Fóònù

Ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn olè gba báàgì àti fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ènìyàn mẹ́ta ló lè rí ibi tí wọ́n wà lórí fóònù. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, mo sì ti sùn.

Ìbàdàn ni Àǹtí Bùkọ́lá ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó dé Sángo. Wọ́n fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù sí èmi, sí bùrọ̀dá wa tó ń gbé ní Agége, àti sí ọ̀rẹ́ wọn kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń pe Àtan. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n rò pé èrò bíi tiwọn ni. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi yà kúrò lójú títì, tí àwọn ọkùnrin náà gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì tì wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló fún wọn lówó ọkọ̀. Aago méjìlá òru kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní Alápòtí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi bùrọ̀dá wa pé ṣé wọn ò wo fóònù ni. Wọ́n ní àwọn rò pé èmi tí mo wà nílé ló ń wò ó. Ọ̀rẹ́ Àǹtí Bùkọ́lá náà ní àwọn ará ilé lòun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún. Èmi ní tèmi, mo ti rò pé àgbà kan ń wò ó, mo bá lọ sùn. Àmì kékeré tó ń tọ́ka ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà ti dúró sójú kan ju wákàtí méjì lọ, kò sì sí ẹni tó rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Olúwabámiṣé Ayánwọlá, tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2022, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 yìí wọ bọ́ọ̀sì BRT ní agbègbè Lẹ́kí, ó ń lọ sí Ọ̀ṣọ́dì. Nígbà tí ara fu ú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi fídíò ránṣẹ́ tí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, 240257, hàn nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí obìnrin máa ṣe gan-an ló ṣe. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Mi ò dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bi rárá. Ta ló ti kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ní ohun tó yẹ ká fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe, tàbí iye ìṣẹ́jú tó yẹ ká fi dúró ká tó ṣe é?

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pe Àǹtí Bùkọ́lá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, màmá mi ní wọn ò ní lọ àyàfi tí a bá jókòó kọ ìrìn àjò náà sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí tábìlì ká, èmi ni mo di bíró mú.

Aago ni a kọ́kọ́ ṣe. Màmá mi ní kí a má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a fẹ́ jáde nílé, pé ìgbà tí a fẹ́ dé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa kà á padà sẹ́yìn. Ní apá ibí yìí, ilẹ̀ máa ń ṣú láàrin aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ní gbogbo ọdún. A fi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé Àkúrẹ́, kí wákàtí méjì ó lé lè wà nílẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Láti Ọjọ́ta, kí a gba Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, a ka wákàtí mẹ́fà. Ó di pé kí ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í gbéra tí kò bá kún, nítorí náà kí wọ́n dé gáréèjì ní aago mẹ́sàn-án. Láti Alápòtí, ọ̀kadà dé Àtan, ọkọ̀ dé Sángo, òmíràn dé Ọ̀ṣọ́dì, òmíràn dé Ọjọ́ta: a ka wákàtí méjì ààbọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n máa jáde nílé.

Àǹtí Bùkọ́lá ní kí àwọn kúkú jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí àwọn lè tètè dé. Màmá mi ní, "Òkùnkùn àárọ̀ àti òkùnkùn alẹ́, ọ̀kan náà ni. Ta lo máa rí lójú ọ̀nà Àtan ní aago mẹ́rin ààbọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi í sí aago mẹ́fà ààbọ̀, tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì wà ní ọjọ́ kejì, kí ohunkóhun má baà lé wọn wọ inú òru.

Ibi tí wọ́n máa sùn ló kàn. Alágbàka, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí, ni wọ́n ń lọ. Àǹtí Bùkọ́lá ti rí òtẹ́ẹ̀lì kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n ní ẹ̀yìn ìlú. Màmá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́, a sì pè wọ́n. Wọn ò sọ fún wa pé àdúgbò yìí dára tàbí pé tọ̀hún burú. Ìbéèrè ni wọ́n ní kí a máa bi ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀: aago mélòó ni àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà máa ń palẹ̀ mọ́? Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá máa ń dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn aago méje, àbí èrò máa ní láti fẹsẹ̀ rìn láti títì? Bí iná NẸ́PÀ bá lọ, ṣé ìmọ́lẹ̀ kankan ṣì wà lójú pópó? Wọ́n bi ẹnì kan tó mọ àdúgbò tí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú náà wà, a sì gbọ́ pé láti aago méje ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́, àti pé èrò máa rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń já wọn sí. Ilé àlejò mìíràn wà nítòsí títì ní Alágbàka, tí àwọn alákàrà àti oníṣùyà ṣì máa ń wà níwájú rẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá mi yọ ìyókù nínú owó ọjà wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan èmi. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa wo fóònù, ẹni náà sì mọ̀ pé òun ni. Èmi ni wọ́n yàn, nítorí ìsinmi ni a wà. A kọ nọ́ńbà ẹnì kejì sílẹ̀, ìyẹn bùrọ̀dá wa, tí mo gbọ́dọ̀ pè kí n tó fi fóònù sílẹ̀ fún ìdí yòówù.

Lórí Wátsáàpù, tí ẹ bá tẹ "Share live location", yóò ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú "15 minutes", "1 hour" àti "8 hours". Wákàtí mẹ́jọ kò tó fún ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nítorí náà a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra ní Ọjọ́ta. Wọ́n máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà fóònù sẹ́kítírì gáréèjì ránṣẹ́ sí mi. A tún yan ọ̀rọ̀ kan: tí wọ́n bá pè mí tí wọ́n ní kí n fún ajá lóúnjẹ, wàhálà ti dé nìyẹn, wọn ò sì lè sọ ọ́. A ò ní ajá.

Ní ìparí ìwé náà, a kọ ohun tí mo máa ṣe tí àmì náà bá dúró. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò ní ṣe nǹkan kan, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, kí n pè, kí n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, nítorí ó máa ń wọlé níbi tí Wátsáàpù kò ti lè ṣiṣẹ́. Tó bá pé wákàtí kan, kí n pe sẹ́kítírì gáréèjì. Tí òun náà kò bá rí dírẹ́bà bá sọ̀rọ̀, kí n pe 112, tí kì í gba owó, kí n sì ka nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí a ti rí i gbẹ̀yìn fún wọn.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò náà, nǹkan bí aago kan ọ̀sán, àmì náà dúró kí ó tó dé Ọ̀rẹ̀. Ní abẹ́ orúkọ wọn, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti rí wọn gbẹ̀yìn ń pọ̀ sí i. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́ pe gbogbo ayé. Màmá mi na ìwé náà sí mi, wọ́n ní, "Kí ló kọ síbẹ̀?" Mo dúró. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mo pè, kò wọlé. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tí wákàtí kan pé, mo pe sẹ́kítírì. Ó pe dírẹ́bà, ó sì pè mí padà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá: táyà ló fọ́, gbogbo èrò wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wá òmíràn. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí Bùkọ́lá wọlé, ó sọ ohun kan náà. Kò sí ajá nínú rẹ̀.

A tún aago kà. Ó máa di aago mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó dé. Mo pe ọ̀rẹ́ màmá mi, wọ́n sì rán oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n mọ̀ lọ sí gáréèjì. Mo fi orúkọ àti nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n pè mí láti inú yàrá, wọ́n ní àwọn ti ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí jẹun.

Mo mọ̀ pé bébà kan kò lè dá ọwọ́ oníṣẹ́ ibi dúró. Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi tó wọ̀ ọ́. Ohun tí bébà náà lè ṣe ni pé kí wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ nǹkan kan dín kù.

Lọ́dún tó ń bọ̀, tí mo bá yege, èmi ni yóò máa rìnrìn àjò lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Màmá mi ni yóò wo fóònù. Ní alaalẹ́ báyìí, mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣí máàpù náà àti bí wọ́n ṣe lè mọ̀ tí àmì bá ti dúró. Wọ́n ti fi bébà mìíràn sábẹ́ aṣọ tábìlì. Orúkọ mi ló wà lókè rẹ̀.