Kí Ló Ń Mú Omi Àmù Tutù?

Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àmù tí a ti pọn omi sí láti àná, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ tutù, ó sì lọ́rinrin. Àwọn ìyá wa á ní àmù ń làágùn. Ọ̀rọ̀ yìí wù wá púpọ̀, nítorí kì í ṣe àfiwé lásán. Iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe lára èèyàn gan-an ni omi yẹn ń ṣe lára àmù.

Ohun tó mú wa wádìí ọ̀rọ̀ náà ni owó. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé níta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, a ò sì ní fíríìjì. Nígbà ọ̀yẹ́, a ra àmù kan tó ń gba omi lítà 20, a sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Omi rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi ra omi inú ọ̀rá tútù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé nínú oṣù Òkúdu, omi náà kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn méjì nínú wa ní àmù ti kú, ẹ jẹ́ ká gbé e jù nù, ká dáwó ra fíríìjì àlòkù. Àwọn méjì yòókù ní ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa á, bó bá jẹ́ pé ó kú lóòótọ́. A bá ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì lọ, ó sì fi sùúrù là á yé wa.

Amọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí amọ̀kòkò bá sun ìkòkò, iná á mú kí amọ̀ náà le, ṣùgbọ́n kò ní í yọ́ bí ìgò. Àwọn ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí á ṣì wà káàkiri ara rẹ̀. Omi inú àmù á máa gba inú àwọn ihò yìí wá síta díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ara àmù níta, atẹ́gùn á máa gbé e lọ, á sì máa gbẹ.

Gbígbẹ yìí ló ń mú nǹkan tutù. Ẹ rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi sípíríìtì nu apá wa kí ó tó gún wa lábẹ́rẹ́: bí sípíríìtì ṣe ń gbẹ ni ibẹ̀ ń tutù. Omi kò lè gbẹ láìgba ooru, ohun tó sì sún mọ́ ọn jù ló máa gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú omi, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di omi kò dúró sójú kan. Àwọn kan ń sáré ju àwọn kan lọ, àwọn tó ń sáré jù ló sì ń rí ọ̀nà fò jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí àwọn tó ga jù ní kíláàsì bá jáde, ìwọ̀n gíga àwọn tó kù á lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi: àwọn tó ń sáré jù ti lọ, àwọn tó kù ń rọra rìn, ohun tí a sì ń pè ní títutù nìyẹn. Nígbà tí àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, gbígbẹ omi ni ó ń bá wọn mú ilẹ̀ náà tutù.

Ọ̀rẹ́ wa ní ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí gíráàmù omi 1 fi dígírì 1 tutù sí i, nǹkan bí júùlù ooru 4.2 ló gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gíráàmù omi 1 tó lè gbẹ, yóò gba nǹkan bí júùlù 2,400. Lítà 20 inú àmù wa jẹ́ gíráàmù 20,000. Kí ó tó fi dígírì 5 tutù, júùlù 420,000 gbọ́dọ̀ jáde. Bí a bá pín in sí 2,400, ó jẹ́ gíráàmù 175. Ìyẹn ni pé omi tí kò kún ife kan, bó bá gbẹ lára àmù, ó tó láti mú gbogbo omi inú rẹ̀ fi dígírì 5 tutù. Lójú ayé, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí àmù ṣe ń tutù ni ooru afẹ́fẹ́ tún ń wọ inú rẹ̀ padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òjò. Afẹ́fẹ́ tó ti kún fún ọ̀rinrin kò ráyè gba omi mìíràn, ìdí nìyẹn tí aṣọ tí a sá kì í fi í tètè gbẹ nígbà òjò. Ẹ fi aṣọ tútù wé ìdí tẹmómítà kan, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ibi tó bá lọ sílẹ̀ dé ni òpin ibi tí àmù lè mú omi tutù dé. Lọ́sàn-án ọ̀yẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá gbóná dé dígírì 34, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ohun tó lè gbà, òpin náà á wà ní nǹkan bí dígírì 19. Nígbà òjò, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní dígírì 28, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 90, òpin náà kò ní í kúrò ní nǹkan bí dígírì 26 àti ààbọ̀. Nítorí náà àmù wa kò kú. Afẹ́fẹ́ ni kò ráyè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmù tó kú lóòótọ́ wà ládùúgbò wa. Aládùúgbò wa kan fi ọ̀dà olóróró kun tirẹ̀ kí ó lè dára lójú. Ọ̀dà náà dí gbogbo ihò, ara àmù gbẹ táútáú, omi inú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ike. Òróró àti ìdọ̀tí tó bá dì mọ́ ọn náà lè dí ihò bẹ́ẹ̀. Kànìnkànìn àti omi lásán ni a fi ń fọ tiwa, inú àti ẹ̀yìn.

A fẹnu kò pé a ò ní í gbé àmù jù nù. Títí òjò yóò fi lọ, a ó máa ra omi tútù ní ọjọ́ tí òùngbẹ bá le, owó fíríìjì á sì wà lápò wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àmù tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Bó bá lọ́rinrin, tó sì tutù, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kún inú rẹ̀, tó sì ti lé ní ọjọ́ kan tí a ti pọn omi sí i, ihò rẹ̀ ti dí. Bí omi bá sì ń kán tótó sílẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: ó ṣeé ṣe kí ó ti sán.