Ẹ Gbé Báàgì Ọmọ Yín Sórí Ìwọ̀n

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ń ké pé èjìká ń dun òun, ẹ má tíì sáré lọ ra oògùn ìrora. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yín gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀ wò.

Ohun táwọn oníṣègùn máa ń sọ ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn ọmọ wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ ní kó gun ìwọ̀n láìgbé báàgì, kó tún gùn ún pẹ̀lú báàgì, kẹ́ ẹ sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì.

Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 9, wọn kílò 27. Nígbà tó gbé báàgì kọ́, ó di kílò 33 àti ààbọ̀. Kílò 6 àti ààbọ̀ lọ́rùn ọmọ tí kò yẹ kó gbé ju 3 lọ! A da ẹrù náà sórí ẹní. Ike omi lítà kan àti ààbọ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó kílò kan àti ààbọ̀. Gbogbo ìwé ọ̀sẹ̀ náà ló kó, títí kan tèyí tí wọn ò ní ṣe lọ́jọ́ yẹn. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mú ìwé wá, wọ́n á nà án.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rù ló sọ báàgì di ẹrù. Ìyá rẹ̀ lọ bá tíṣà sọ̀rọ̀, ó sì gbà kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ìṣirò tó nípọn máa sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì, àfi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá bá wà. Omi di ààbọ̀ lítà, torí bọ́ọ̀hóòlù wà nílé ìwé. Alaalẹ́ ló ń wo táìmùtébù kó tó di ẹrù. Ó ku kílò 3 ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé e náà wà níbẹ̀. Okùn kan ló máa ń fi kọ́ èjìká òsì, ìdí báàgì á sì máa lù ú ní ìdí. Báàgì tó bá rọ̀ báyìí máa ń fa ọmọ sẹ́yìn. Kó má baà ṣubú, á tẹ̀ síwájú, á na orí síta, iṣan ọrùn àti òkè ẹ̀yìn ò sì ní sinmi títí á fi délé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ń dùn ún. Okùn méjèèjì ni kó kọ́, kẹ́ ẹ fà á mọ́ra kí báàgì má kọjá ìbàdí. Ìwé tó wúwo jù ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn, ike omi àti abọ́ oúnjẹ níwájú rẹ̀. (Báàgì onítáyà dára, àmọ́ ta ló fẹ́ fà á nínú iyanrìn àdúgbò wa?)

Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ̀rọ̀ èjìká mọ́. Tí ẹrù bá ti fúyẹ́ tí ìrora ò lọ, tó ń jí ọmọ lóru, tí ọwọ́ ń kú tàbí tí kò lágbára, tàbí tí ibà bá bá a rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ báàgì mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.