Gbèsè Ti Tán, Ìdè Ṣì Wà Lórí Ilé

Nígbà tí àǹtí mi tó ń gbé ní Houston sọ fún mi pé ìjọba Amẹ́ríkà ti gbẹ́sẹ̀ lé ilé òun, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé nọ́ńbà wo ló wà lórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Tí a bá ti gbọ́ "gbẹ́sẹ̀ lé" nílé lọ́hùn-ún, ọlọ́pàá àti àgádágodo àti ọ̀dà pupa lára ògiri ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Form 668(Y)(c) ló wà lára ìwé náà, ohun tí ìwé yẹn sì ń sọ yàtọ̀ sí kí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdè owó-orí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ilé rẹ dógò láì bi ọ́. Ìwọ lo ṣì ni ín, o ń sùn nínú rẹ̀, o lè fi yàrá kan háyà fún ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa lé ọ jáde nítorí ìwé yìí nìkan. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ ta ilé náà, tàbí kí o fi yá owó ní báńkì, ìjọba ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí owó tirẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àǹtí mi ń ṣe, láti ilé aláìsàn kan dé òmíràn, àwọn tó sì ń gbé iṣẹ́ fún wọn kì í yọ owó-orí kúrò nínú owó tí wọ́n ń san. Owó-orí ọdún 2019 wá di gbèsè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, IRS, ìyẹn ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀, kọ gbèsè náà sínú ìwé wọn, wọ́n sì fi lẹ́tà béèrè owó. Nígbà tí owó kò jáde, òfin fúnra rẹ̀ ti so ìdè náà. Kì í ṣe ilé nìkan ló dì mú: mọ́tò wà níbẹ̀, owó báńkì wà níbẹ̀, kódà ohun tí wọ́n bá rà lẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ó dákẹ́. IRS àti ẹni tó jẹ gbèsè nìkan ló mọ̀ pé ó wà.

Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni gbogbo ayé tó mọ̀, nígbà tí IRS fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ Harris County. Láti ọjọ́ yẹn, báńkì tó bá yá èèyàn lówó lórí ilé náà ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ìjọba ni òun yóò tò sí. Òfin ní kí IRS fi lẹ́tà sọ fún onílé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìwé sílẹ̀, onílé sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun. Ẹ jọ̀ọ́, apòòwé yẹn kì í ṣe ohun tí a ń jù sórí fíríìjì.

Àwọn ará Texas fẹ́ràn láti máa sọ pé òfin ìpínlẹ̀ àwọn ń dáàbò bo ilé tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé. Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olówó tí a jẹ ní gbèsè. Kò dí ìjọba àpapọ̀ lọ́nà. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1983 nínú ẹjọ́ United States v. Rodgers, orí ilé kan ní Texas yìí náà ni wọ́n sì ti sọ ọ́.

Lórí ìwé àǹtí mi, iye tó wà níbẹ̀ ni $18,400. Wọ́n ti ń kó iye yẹn jọ kí n tó sọ fún wọn pé kò tó. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Èlé àti owó ìtanràn ṣì ń gun orí rẹ̀ lójoojúmọ́, ìwé tó wà ní káúńtì kì í sì yí padà láti bá a rìn. Ẹni tó bá san $18,400 géérégé kò tíì san tán, ìdè kì í sì í tú ní ìdajì. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ IRS ni lẹ́tà tó ń sọ iye tí yóò pa gbèsè náà rẹ́ pátápátá ní ọjọ́ kan pàtó. Tiwọn jẹ́ $23,160, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹ tún béèrè òmíràn.

Wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì fi ìbuwọ́lùwé sí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba ìṣírò. Òfin fún IRS ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí gbèsè bá tán láti tú ìdè. Tí wọ́n bá san án ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ẹni tó fẹ́ ra ilé á ti lọ. Sọ̀wédowó lásán tún lè fi kún un, torí wọ́n lè fẹ́ kí owó wọlé ná. Nítorí náà, wọ́n lọ gba sọ̀wédowó tí báńkì fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì IRS tó wà nítòsí, wọ́n mú ìwé àdéhùn títa ilé dání, wọ́n sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yára. Ìwé ìtúsílẹ̀, Form 668(Z), jáde ní ọjọ́ 17. Ó wọ inú àkọsílẹ̀ káúńtì ní ọjọ́ 24.

Ọjọ́ méje tó wà láàárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn. Rìsíìtì kò tú ohunkóhun. Ẹ̀dà ìwé ìtúsílẹ̀ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ náà kò tíì dé ojú ẹni tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Ohun tó bá wà ní káúńtì ló ń rí. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí kò sí nǹkan kan, 800-913-6050 ni nọ́ńbà ẹ̀ka IRS tó ń bójú tó ìdè, kí ẹ ní ẹ̀rí owó tí ẹ san lọ́wọ́ kí ẹ tó pè.

Nígbà tí ìtúsílẹ̀ bá wọlé, ẹ fi nọ́ńbà orí rẹ̀ wé ti ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ọdún púpọ̀ lè ní ìwé méjì, tàbí kan ní káúńtì yìí kan ní òmíràn, kí ìtúsílẹ̀ sì kan ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà. Ṣé ẹ mọ iye Adébáyọ̀ tó wà ní Houston? Ìdè ẹlòmíràn lè yọjú lórí ilé rẹ nígbà tí wọ́n bá ń wá orúkọ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó-orí máa ń wà lórí ìwé náà. Òun la fi ń mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.

Ẹni tí kò tíì lè san gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n tó fẹ́ ta ilé kan, lè fi Form 14135 bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ilé yẹn nìkan kúrò lábẹ́ ìdè. Wọ́n fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ títa.

Ohun kan ya àǹtí mi lẹ́nu: lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà ní káúńtì tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ìtúsílẹ̀ ń sọ pé gbèsè ti tán, kò sọ pé kò wáyé rí. Ẹni tí ìyẹn bá dùn lè fi Form 12277 ní kí wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn bíi pé wọn kò fi sílẹ̀ rí, tó bá ti ń kọ ìwé owó-orí rẹ̀ déédéé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò sì jẹ gbèsè tuntun. Ní tèmi, àfi tí iṣẹ́ tàbí láísẹ́ǹsì rẹ bá nílò rẹ̀ ni mo máa fi yọ ara mi lẹ́nu, torí láti oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn ti yọ ìdè owó-orí kúrò nínú tiwọn.