Ọjọ́ Ẹtì Ni Mo Fi Ń Ka Ọjọ́ Padà Sẹ́yìn

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Ákírà, fọ́tò là ń yà fún àwọn ìyá ọlọ́jà Mákólà, tí a ó kọ iye owó sí i lára, tí a ó gbé e sórí Fesibúùkù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọjọ́ wo. Fídíò orí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù, tó máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ló kọ́ wa ní ètò. Tíkítọ́ọ̀kì wá fi ìkánjú kún un: ẹni tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá mú, ó ti kọjá lọ.

Ìyá kan tó ń kó àdìrẹ wá láti Abẹ́òkúta ṣí ìsọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n máa gbé fídíò kan jáde lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí àwọn oníbàárà máa wọ aṣọ náà."

Láti 2004 ni ìjọba Gánà ti ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ wa lọ́jọ́bọ̀ ti pẹ́ jù, ọlọ́kadà lè má tíì dé Kasóà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, aṣọ la fi hàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a wọ̀ ọ́ fún ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni sísanra. Lọ́jọ́rú, iye owó, bí wọ́n ṣe ń fi Mómò sanwó, àti wákàtí tí a ó gba ọjà ìkẹyìn. Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń tú ẹrù tirẹ̀ là ń fi hàn. Àbámẹ́ta kò sí nǹkan kan, ìsìnkú ni gbogbo ìlú ń lọ.

Láàárọ̀ kan la ya gbogbo ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gílóòbù pupa máa ń ba àwọ̀ ẹlú jẹ́, oníbàárà á sì ní àwọ̀ tí òun rà kọ́ lèyí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lófo. Ohun tí àwọn oníbàárà bá ń béèrè jù ni a ó fi kún un. Tí fídíò bá ní ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń béèrè "Èló ni?", fídíò náà ló kù díẹ̀ káàtó. Lọ́tẹ̀ yìí, "Ṣé kì í ṣí?" ni wọ́n ń béèrè. A rẹ ṣẹ́ẹ̀tì kan sínú báàfù funfun lójú kámẹ́rà. Omi àkọ́kọ́ dúdú díẹ̀, mọ́mì ní ká gé e kúrò, mo ní rárá. Omi kẹta mọ́. Fídíò yẹn ló ta jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fún un lọ́jọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ku mẹ́rin kò yẹ kó ní fídíò tirẹ̀.