Àkọsílẹ̀ Kéékèèké Lórí Owó Tó Há Sójú Ọ̀nà

Kí o tó tẹ píìnì, àti lẹ́yìn rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí kóòdù báǹkì bá já ló yẹ kí àyà ẹni já. Ká ní o ti tẹ díjíìtì mẹ́wàá tí í ṣe nọ́ńbà àkáǹtì, o ti kọ iye owó, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì ti jáde, àmọ́ ojú fóònù ṣófo kí o tó tẹ píìnì. Báǹkì kò tíì gba àṣẹ kankan lọ́wọ́ rẹ. Tún un tẹ̀, kò séwu. Bí o bá ti fi píìnì ránṣẹ́ ná, tí fóònù wá kọ `Connection problem or invalid MMI code`, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ di ká dúró wò ó. Ohun tí fóònù ń sọ kò ju pé òun àti nẹ́tíwọ̀kì kò gbọ́ ara wọn mọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa owó rẹ.

Ìdí tó fi ń já

Bí ìpè ni kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì síbi tí ọ̀rọ̀ ti lè dúró de nẹ́tíwọ̀kì. Tẹ́sìtì yàtọ̀: bí fóònù rẹ bá kú, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì á tọ́jú rẹ̀ títí fóònù yóò fi jí. Ìdí nìyẹn tí àláàtì owó tó lọ lọ́sàn-án fi lè dé lálẹ́, tí èsì kóòdù tó já ò sì ní dé mọ́ láéláé. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti ìlú bíi Upenmen, tí nẹ́tíwọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ibi tó ti dúró dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Dídúró níta sàn ju abẹ́ páànù lọ.

Nídìí gàrí

Ìyá oní-gàrí ti wọn gàrí tán, ó ti fi okùn di ẹnu àpò. Ọmọkùnrin tó gun ọ̀kadà wá rà á láti Ọ̀wọ̀ na fóònù sí i. "Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ mi." Ìyá ò wo fóònù ọmọ náà. Tirẹ̀ ló fà yọ nídìí ìró, ó tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń wo iye tó kù, ó sì na ohun tó jáde sí ọmọ ọmọ rẹ̀ kó bá òun kà á. "Ọmọ mi, n ò ní o purọ́. Wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ọwọ́ mi. Jẹ́ kí gàrí dúró síbí ná."

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ìyá sì gbọ́n: àláàtì tó wà lórí fóònù ẹlòmíì kì í ṣe owó, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ nígboro.

Ọ̀nà tí owó gbà

Báǹkì tìrẹ ló kọ́kọ́ yọ owó nínú àkáǹtì rẹ. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí NIBSS, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ fífi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ní 2011. NIBSS á gbé e fún báǹkì ẹni tó ń gbà á, ìyẹn á fi owó sí àkáǹtì, á sì dá èsì padà. `00` túmọ̀ sí pé ó ti parí. `09` túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀.

Bí èsì náà kò bá padà dé, báǹkì rẹ ò lè kàn dá owó padà fún ọ. Ó lè jẹ́ pé owó ti wọlé lọ́hùn-ún, èsì nìkan ló sọnù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ NIBSS ibi tí ọ̀rọ̀ dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ni yóò san owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń fa ìdúró nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìṣirò tó ń tú àṣírí

Ká ní ₦21,300 ló wà nínú àkáǹtì, o sì fẹ́ san ₦8,500. Owó iṣẹ́ báǹkì lórí iye tó ju ₦5,000 lọ, tí kò kọjá ₦50,000, jẹ́ ₦25. Owó orí tó wà lórí rẹ̀ á sọ ọ́ di ₦26.88. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦8,526.88.

Wàyí o, wo iye tó kù. Bó bá jẹ́ ₦21,300, ó lè jẹ́ pé àṣẹ kò dé báǹkì, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti dá owó padà. Bí o bá gba ìwé àkáǹtì, wàá rí èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ₦12,773.12, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó kù kí ẹni tó ń gbà á yẹ tirẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ₦4,246.24, wọ́n ti yọ owó gàrí kan náà lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúntẹ̀

Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ á mọ̀ pé owó kan náà ni, ẹni kan náà la sì ń fi ránṣẹ́ sí. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìránṣẹ́ ló ní `Session ID` tirẹ̀, díjíìtì 30: mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báǹkì tó fi ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti aago, méjìlá tó kù jẹ́ ti ìránṣẹ́ náà nìkan. Èyí tí `260314103207` bá wà láàárín rẹ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 32 láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2026 ni wọ́n fi ránṣẹ́. `Session ID` tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni NIBSS ń kọ̀. Àtúntẹ̀ rẹ á gba tuntun, òun náà sì lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Owó ọ̀nà

Láti oṣù kẹfà 2025, owó ìpè inú fóònù ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì kọ̀ọ̀kan tí kóòdù báǹkì bá fi ṣí. Ẹni tó ń wá nọ́ńbà àkáǹtì nínú ìwé kékeré nígbà tí kóòdù ti ṣí sílẹ̀ ń náwó, ó sì ń fún un láyè láti já. Àwọn báǹkì kan ní ọ̀nà àbùjá tí o fi lè kọ gbogbo rẹ̀ tán kí o tó pè é, bíi ti GTBank:

```
*737*2*8500*0123456789#
```

Yíyan báǹkì ẹni tó ń gbà á àti píìnì ló máa ń kù lẹ́yìn èyí.

Oṣù kejì 2023

Nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, tí wọ́n sì ti ní a ò gbọdọ̀ ná ti àtijọ́ mọ́, oníbàárà àti ọlọ́jà jọ sáré sídìí kóòdù. Ẹ̀rọ báǹkì kò gbà á. Owó ń kúrò níbì kan, kò dé ibòmíì, èèyàn sì ń fi nọ́ńbà fóònù tàbí ìwé ìdánimọ̀ dógò fún iyọ̀ àti ìrẹsì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń ṣí àkáǹtì sí báǹkì méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan lè gbà nígbà tí òmíràn bá há.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́

Báǹkì tó yọ owó ni kí o fẹjọ́ sùn, kì í ṣe ti ẹni tó ń retí rẹ̀. Mú ọjọ́, aago, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì tí o fi ránṣẹ́ sí àti `Session ID` dání; bí báǹkì kò bá fi èyí tó kẹ́yìn sórí rìsíìtì, kí o bi wọ́n. Gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn kí o tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ bá ọ dá owó rẹ padà, tó wá ní kí o ka píìnì fún òun, pa fóònù. Kò sí báǹkì tó nílò píìnì rẹ láti dá owó padà fún ọ.