Ewé Tó Dúdú Níbi Tí Kò Yẹ Kó Dúdú

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà yìí, tíṣà báyọ́lọ́jì wa ní kí n bá àwọn jùníọ̀ kíláàsì kejì ṣe ìdánwò kan lórí fotosíńtẹ́sìsì, ìyẹn bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti kábọ́nì dáyọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo wà ní jùníọ̀, nítorí náà mo fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ ṣáà mọ bí àwa sẹ́níọ̀ ṣe ń ṣe.

Nígbà ìsinmi àárọ̀, ní aago mẹ́wàá, mo fi fóìlì tí wọ́n fi ń di mọ́ín-mọ́ín bo àárín ewé híbísíkọ́ọ̀sì kan lẹ́bàá ọgbà. Ní aago kan mo já a, mo sì gbé e wọ kíláàsì. Mo kọ́kọ́ kán áyódìn sórí gàrí díẹ̀, ó sì di àwọ̀ aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú lójú wọn. Mo ní, "Ẹ wò ó, sítáàṣì nìyẹn. Ibi tí ewé bá ti ṣe oúnjẹ ló máa dúdú báyìí. Abẹ́ fóìlì kò ní dúdú."

Abẹ́ fóìlì dúdú. Gbogbo ewé náà ló dúdú pátá.

Ojú tì mí, mo sáré fún wọn ní ìbéèrè tí mo ti kọ sílẹ̀ láti ilé. Ìkan nínú wọn ni: "Ǹjẹ́ ewé nílò ìmọ́lẹ̀ láti ṣe sítáàṣì?" Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé: "Rárá, torí ibi tí ẹ bò náà dúdú." Mo fa X sí i.

Nígbà tí mo kó ìwé lọ fún tíṣà, wọ́n bi mí pé, "Aago mélòó lo bo ewé yẹn?"

"Aago mẹ́wàá, mà."

"Oòrùn ti yọ láti aago mélòó?"

Kò sí ohun tí mo lè sọ. Kí n tó bò ó, ewé ti ń ṣe oúnjẹ láti àárọ̀, sítáàṣì sì ti wà níbẹ̀. Fóìlì lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró, àmọ́ kò lè kó ohun tó ti wà nílẹ̀ kúrò.

A tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì, a gbé híbísíkọ́ọ̀sì tí wọ́n gbìn sínú ike ọ̀dà wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, a tì í pa títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó lè jẹ sítáàṣì ara rẹ̀ tán. Ní àárọ̀ yẹn, a kọ́kọ́ já ewé kan láti fi dán an wò. Àwọ̀ áyódìn fúnra rẹ̀, bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ló wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn la tó fi fóìlì bo ewé mìíràn, a sì gbé e sí oòrùn títí di aago kan.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni sípírítì. A se ewé náà nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan, kí ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, *a pa sítóòfù*. Ọmọ kan ti fẹ́ gbé sípírítì ka iná tààrà, mo pariwo mọ́ ọn! Ooru sípírítì yára gbaná, ó lè jó ojú ènìyàn. Kò sì nílò iná rárá: ó ń hó ní nǹkan bíi 78 °C, omi gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ki ewé sínú túùbù onígíláàsì tí sípírítì wà nínú rẹ̀, a gbé túùbù náà sínú omi yẹn. Àwọ̀ ewé jáde sínú sípírítì, ewé di funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń kán bíi bisikíìtì. A tún rì í sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó lè rọ̀ padà, a tẹ́ ẹ sórí táìlì funfun, a kán áyódìn. (Ẹ má fọwọ́ kàn án, kì í tètè kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ bi màmá mi.)

Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ fóìlì kò dúdú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè: "Sẹ́níọ̀, ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni fóìlì dí?" Hàà! N kò ronú kan èyí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a tún ike náà gbé sínú òkùnkùn, kí a fi fóìlì bo ewé kan, kí a fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bo èkejì lọ́nà kan náà. Nígbà tí a dán wọn wò, abẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú, abẹ́ fóìlì kò dúdú.

Mo yí ìbéèrè mi padà. Mo bi wọ́n pé: Kí ló dé tí a fi gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù? Kí ló dé tí a fi pa sítóòfù? Kí ni náílọ́ọ̀nù fi hàn tí fóìlì nìkan kò lè fi hàn?

Mo sì wá ìwé ọmọkùnrin yẹn jáde. Ohun tó fojú rí ló kọ, èmi ni mo fi ohun tí kò tọ́ hàn án. Mo fagi lé X náà, mo fún un ní máàkì rẹ̀.