Gèlè tó kó ìtìjú bá ọmọlọ́mọ níwájú àwọn àna ẹ̀

1/ Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mo fẹ́ sọ bí gbólóhùn mẹ́rin tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ṣe sọ ọmọlọ́mọ di òpùrọ́ níwájú ẹbí ọkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn ọlọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Èmi náà wà níbẹ̀.

2/ Iṣẹ́ mi rèé: ọlọ́jà á fi fọ́tò ọjà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi á kọ ohun tó máa wà lábẹ́ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, màdáámù kan tó ń ta aṣọ òkè n'Íbàdàn gbé iṣẹ́ fún mi. Ó ní àwọn tó ń rajà lásìkò yẹn kì í rà á fún ara wọn. Ìgbéyàwó pọ̀, Iléyá náà ń bọ̀, ìyá ọkọ àti bàbá ìyàwó ni wọ́n ń rajà fún. Kí n jọ̀ọ́ kọ ọ́ bí ẹ̀bùn.

3/ Fọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́ gèlè àti ìborùn aláwọ̀ bíi oyin tó ti ń ṣú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màdáámù kọ sábẹ́ ẹ̀: "Sányán." Ohun tí mo sọ ọ́ dà rèé:

"SÁNYÁN GIDI! Sílíìkì àtayébáyé tí àwọn ọba ń wọ̀. Kì í ṣá láé. Rà á fún ìyá ọkọ ẹ, kó o wo bí wọ́n á ṣe sunkún ayọ̀!"

Ẹ sọ òótọ́, ṣé kò dùn ún kà? Láìkì ń wọlé, ọ́dà ń wọlé, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

4/ Ọmọbìnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó wà lára àwọn tó rà á. Nígbà tí ẹbí ọkọ wá sílé wọn fún mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ìyá ọkọ. Ó ní, "Mà, sányán gidi ni o. Sílíìkì àtayébáyé ni."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ mi gan-an ló ń tún sọ.

5/ Àṣé ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ, ìyá àgbà kan tó ti ta aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà níbẹ̀. Màmá gba aṣọ, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n fa òwú kan yọ létí ẹ̀, wọ́n sì ṣáná sí i. Òwú ò di eérú. Ó yọ́, ó súnkì, ó di kóró dúdú líle, bí ìgbà tí iná bá ra ọ̀rá. Màmá ní, "Aṣọ yìí dáa. Ta ló ní kó o pè é ní sílíìkì?"

Gbogbo pálọ̀ dákẹ́.

6/ Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Kò bú mi. Ó kàn ní: "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló ti jáde. Wọn ò mọ̀ yín. Èmi ni wọ́n mọ̀."

Mi ò lè sùn.

7/ Ẹ jẹ́ ká dúró síbí yìí díẹ̀. Tí mo bá purọ́ fún ẹni tó ń ra bàtà fún ara ẹ̀, òun nìkan ló máa bínú, ó sì lè dá bàtà padà. Ẹni tó ń ra ẹ̀bùn yàtọ̀. Ó máa gba ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu mi, ó máa fi ẹnu tiẹ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíì, níwájú èèyàn. Òun ló máa jẹ́rìí sí ohun tí mo kọ, bẹ́ẹ̀ kò rí ọjà yẹn ju fọ́tò lọ.

8/ Lọ́jọ́ kejì, mo gba ṣọ́ọ̀bù màdáámù lọ. Mo rò pé òun ló tàn mí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé sílíìkì ni? Ṣebí sányán ni mo kọ."

Ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Láyé àtijọ́, sányán ni aṣọ tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun. Ilé kòkòrò yẹn ni wọ́n máa ń sè, tí wọ́n á fi ọwọ́ ran di òwú, àwọ̀ ẹ̀ á sì dà bí ilẹ̀ tó gbẹ. Èyí ti ṣọ̀wọ́n gan-an báyìí. Lọ́jà òde òní, tí wọ́n bá pe sányán, àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń pe pupa ní àlàárì, tí wọ́n sì ń pe aró dúdú ní ẹtù. Òwú inú ẹ̀ lè jẹ́ kọ́tìnnì, ó lè jẹ́ réyọ́ọ̀nù, ó sì lè jẹ́ pólíẹ́sítà.

9/ Ìyẹn ni pé màdáámù ò purọ́. Orúkọ àwọ̀ ló fún mi. Èmi ni mo ka nǹkan díẹ̀ nípa sányán ayé àtijọ́, tí mo wá gbé ìtàn yẹn wọ aṣọ tí kò ni ín. Ibi tí àsọdùn ti sábà máa ń wọlé nìyẹn: orúkọ táwọn ọlọ́jà ń pe nǹkan, àwa á sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ṣe é.

10/ Báyìí, mi ò kí ń kọ irú òwú tó wà nínú aṣọ láì tíì dán an wò. Mo máa ń ní kí ọlọ́jà fa òwú kan tó lọ lóròó àti ọ̀kan tó lọ níbùú, torí wọ́n lè má jẹ́ irú kan náà. Ẹ fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ onírin mú un, kì í ṣe ọwọ́, kí abọ́ omi wà nísàlẹ̀. Sílíìkì máa ń rùn bí irun tó jóná, eérú ẹ̀ á sì rún lọ́wọ́. Kọ́tìnnì àti réyọ́ọ̀nù máa ń rùn bí bébà tó jóná. Pólíẹ́sítà máa ń yọ́ di kóró líle.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tó mọ. Kò lè fi ìyàtọ̀ kọ́tìnnì àti réyọ́ọ̀nù hàn yín, kò sì lè sọ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi hun aṣọ. Ìyẹn, ẹ ní láti bi ẹni tó hun ún.

11/ Mo pa gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. "Sílíìkì" lọ. "Tí àwọn ọba ń wọ̀" lọ, torí kò sí ọba kankan tó wọ gèlè yìí. "Kì í ṣá láé" lọ, torí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ ọ́ wò. "Wọ́n á sunkún ayọ̀" náà lọ. Ojú ẹni ẹlẹ́ni ni, mi ò mọ ìyá yẹn rárá, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣèlérí omijé wọn?

12/ Ọkàn màdáámù ò balẹ̀. Ó ní, "Tó o bá wá kọ pé kì í ṣe sílíìkì, ta ló máa rà á?"

Ìbéèrè gidi ni. Ni mo bá gba fóònù ẹ̀, mo ka gbogbo ohun táwọn oníbàárà ti bi í. Ẹnì kan ò béèrè ọba. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni: Ṣé ó máa dé kí Sátidé tó pé? Ṣé ó máa tó wé fún màmá tó fẹ́ràn gèlè ńlá? Ṣé ẹ lè má fi owó ẹ̀ sínú páálí? Tí wọn ò bá fẹ́ràn àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ rí i? Ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó ń ra ẹ̀bùn, kì í ṣe ìtàn ló ń wá.

13/ A fi téèpù wọn aṣọ. Mo pe ẹni tó hun ún n'Ísẹ́yìn, mo béèrè ọjọ́. Ohun tá a gbé síta nìyí:

"Gèlè àti ìborùn aláwọ̀ sányán, fún ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún n'Ísẹ́yìn. Òwú òde òní tó ní pólíẹ́sítà ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe sílíìkì, torí náà ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Gèlè gùn ní ínǹṣì 76, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 20. Híhun gba ọjọ́ 7, rírán àti fífi ránṣẹ́ gba ọjọ́ 3. A kì í fi iye owó sínú páálí. Tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá bá tọjọ́ náà mu, tẹ́ ẹ ò tíì wé e, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ 5, ká pààrọ̀ ẹ̀."

14/ Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀bùn ṣì ni. "Fún ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó" ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù jẹ́ ohun tí olùrà lè sọ láì gbọ̀n.

15/ Ti Iléyá wá ní ọgbọ́n tiẹ̀. Màdáámù fẹ́ kí n kọ ọ́ pé: "Wọ́n ti rí oṣù! Ẹ ra ẹ̀bùn bàbá yín báyìí, ó máa dé!" Mo ní ká ṣírò ẹ̀ ná. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Hájì ni Iléyá. Tí wọ́n bá ti rí oṣù, ọjọ́ 9 péré ló kù. Híhun 7, rírán àti fífi ránṣẹ́ 3, ó di 10. Kò lè dé!

A sì mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú kàlẹ́ńdà lè fi ọjọ́ kan yẹ̀. Torí náà, a kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe ọ́dà ní ọjọ́ 15 ṣáájú ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Fún ẹni tó bá pẹ́, fìlà tó ti wà nílẹ̀ ló kù, a sì kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

16/ Ti Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde tún yàtọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́ sì máa ń wọ aṣọ kan náà jáde. Wọ́n ti mú aṣọ yẹn tipẹ́. Tí mo bá kọ sára agbádá pé "ẹ̀bùn tó bá Ojúde Ọba mu jù lọ fún bàbá," mo ń tan ẹni tó ń rà á jẹ, torí bàbá ò ní lè wọ̀ ọ́ lọ sáàárín ẹgbẹ́. Ohun tí mo kọ ni: "Ẹ kọ́kọ́ béèrè aṣọ tí regbẹ́rẹ́gbẹ́ bàbá mú. A lè fi fìlà bá a mu tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́."

17/ Ẹ máa béèrè bóyá ọjà tà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, láìkì dín kù, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ wá ò béèrè "ṣé òótọ́ ni?" mọ́. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì" ni wọ́n ń sọ. Màdáámù ò tíì lé mi.

18/ Ní ti ọmọbìnrin yẹn, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì dá ìdajì owó ẹ̀ padà láti àpò ara mi, torí ẹ̀bi mi ni. Mo bi í bóyá kí n pe màmá àgbà bẹ̀bẹ̀. Ó ní rárá, òun ti fúnra òun lọ. Ìyá ọkọ ẹ̀ wé gèlè náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ẹ̀.

19/ Kí n tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn jáde báyìí, mo máa ń kà á sókè bí ẹni tó kúnlẹ̀: "Mà, ... ni o." Mo máa ń ro ó pé ìyá àgbà yẹn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó di ìṣáná mọ́wọ́. Gbólóhùn tí mi ò bá lè sọ lójú wọn, mo máa ń pa á rẹ́.